Ta Ló San Owó Adẹ́mu? Lẹ́tà Kan sí Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ìwé Tutùọlá Kò Dùn Mọ́

 

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ní Tòróńtò ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ọmọ wa tí a bí sí Kánádà ṣe ń ka ìwé àwọn òǹkọ̀wé wa. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. N kò lè sọ ọ́ tán, nítorí náà mo mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ wá: lẹ́tà tí mo kọ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ka ìwé tí a yàn fún kíláàsì, tí ìwé náà kò sì dùn mọ́ ọn rárá. Ó yọ̀ǹda kí n kà á fún yín. Mo ti yọ ohun gbogbo tó lè jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó jẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ nígbà náà. Mo tún un kọ lédè wa nítorí ìjókòó yìí.

Ìwé náà ni The Palm-Wine Drinkard, tí Amos Tutùọlá kọ, èyí tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà mọ̀ sí Ọ̀mùtí, láti ìgbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963. Akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí nìkan ni ọmọ Yorùbá ní kíláàsì. Nígbà tí a ní kí ẹnì kan ka ojú ewé kìíní sókè, ẹ̀rín sọ. Gbogbo ojú sì yí sí i, bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Nígbà tó délé, ó kọ ojú ewé kan ránṣẹ́ sí mi, inú rẹ̀ kò sì dùn bó ti ń kọ ọ́.

Kí n tó ka èsì mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Tutùọlá jẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1920. Ọdún díẹ̀ ló lò nílé ìwé kí bàbá rẹ̀ tó kú. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi iṣẹ́ náà sin àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ló jẹ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ Faber ní Lọ́ńdọ̀n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1952. Dylan Thomas, akéwì ará Wéèsì, yìn ín nínú ìwé ìròyìn. Ìyìn yẹn gan-an ló bí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa nínú: wọ́n ní òyìnbó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ìránṣẹ́ ọ́fíìsì wa ṣẹ̀fẹ̀, pé ìwé náà yóò jẹ́ kí ayé rò pé bí gbogbo wa ṣe rí nìyẹn. Ẹ ò rí i pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn bàbá rẹ̀ àgbà ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ fara balẹ̀ ka ìwé náà ni ọmọ ilẹ̀ Kánádà níbí. Margaret Laurence, ọmọ ìlú Neepawa ní Manitoba, tó ti gbé ní Gold Coast rí, kọ odindi ìwé lórí àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà, ó sì jáde ní 1968. Ó ní láti 1952 dé 1966 ni òun ń gbé yẹ̀ wò, 1952 yẹn sì ni ọdún tí Ọ̀mùtí jáde. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1969, ó wá jókòó gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé àlejò ní Yunifásítì Tòróńtò, nínú ìlú yìí. Chinua Achebe náà sì lọ sí Ìbàdàn ní 1977, ó fi odindi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sọ nípa iṣẹ́ àti fàájì nínú ìwé yìí kan náà. N kò fi èyíkéyìí nínú wọn halẹ̀ mọ́ ọmọ náà. Ẹni tí ìwé kò dùn mọ́, orúkọ ńlá kò lè mú un dùn mọ́ ọn.

Lẹ́tà náà rèé.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ohun tí o kọ, mo sì dúpẹ́ pé o kò fi òótọ́ pamọ́. O sọ nǹkan mẹ́ta. O ní Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà kò gún. O ní ìṣẹ̀lẹ̀ kàn ń já lu ìṣẹ̀lẹ̀, kò sí ohun tó fà á. O sì ní ọ̀mùtí tí kò ṣiṣẹ́ rí láyé kò yẹ ní ẹni tí èèyàn ń fi òru ka ìtàn rẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ kí o dì mú. O ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ìwé náà, àmọ́ o yí padà kí o tó ṣí i.

Mo bẹ̀ ọ́, tún un kà. Má sáré kà á torí àtiparí. Mú pẹ́ńsùlù. Níbikíbi tí o bá ti rí iye, ì báà jẹ́ iye owó, iye igi, iye máìlì tàbí aago, fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, bi ara rẹ ní ìbéèrè méjì: ta ló ṣiṣẹ́ níbí? Ta ló sanwó?

Bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Bàbá ọ̀mùtí fún un ní oko ọ̀pẹ tó jẹ́ máìlì mẹ́sàn-án níbùú lóròó, ọ̀pẹ 560,000 ló wà nínú rẹ̀. Adẹ́mu kan ṣoṣo ló gbà fún un. Adẹ́mu yìí ń dá kẹ́ẹ̀gì 150 láàárọ̀, ó ń dá 75 nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, fún ọdún 15. A rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń mu gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹnì kan nínú wa ronú kan ẹni tó ń gùn ún? Ṣe ìṣirò rẹ̀: bí ọ̀pẹ wọ̀nyẹn bá tò dọ́gbadọ́gba lórí ilẹ̀ náà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ọ̀pẹ kan kò lè kún kẹ́ẹ̀gì púpọ̀ lójúmọ́. Èyí túmọ̀ sí pé ọkùnrin náà yóò so igbà mọ́ ìdí, yóò gùn, yóò dá ẹmu, yóò so agbè kọ́, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò rin ẹsẹ̀ bàtà 60, yóò tún so igbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Ọjọ́ Àìkú, ọmọ mi. Tutùọlá kò sọ pé wọn kì í fún un nísinmi. Ó kàn sọ ọjọ́ tó kú, ó sì kọjá lọ.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ńkọ́? Wo bó ṣe rí kí o tó sọ pé kò gún. Aago ń bẹ nínú rẹ̀, ìwọ̀n ń bẹ nínú rẹ̀, owó ń bẹ nínú rẹ̀ dórí kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Àwọn àkọlé rẹ̀ tí a fi lẹ́tà ńlá kọ dà bí ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ni ẹni tó kọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé ìwé tó kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti tábìlì kan dé òmíràn. Àlọ́ ilé wa ló mú, ó fi ohùn fáìlì ìjọba sọ ọ́, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rín rẹ̀ ti ń wá. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde fi àwòrán ojú ewé kan láti inú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sínú ìwé náà, pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i. Ìyókù, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ bó ti wà ni. O kọ sí mi pé Gẹ̀ẹ́sì náà dà bí ti ìyá rẹ àgbà lórí fóònù, pé ohun tó tì ọ́ lójú nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. N kò fi èyí bá ọ wí. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ ju òkò, ìwọ kàn bá wọn gbé ọwọ́ sókè ni.

Jẹ́ ká dé ọjà níbi tí ọ̀dọ́mọbìnrin ti rí ọkùnrin arẹwà. O ní orí yìí ló sú ọ jù. Fa ìlà sí abẹ́ iye tó wà níbẹ̀: wọ́n ní bí arẹwà yìí bá jẹ́ ohun títà, kò ní dín ní pọ́n-ùn 2,000. Wọ́n tún ní bí ọkọ̀ òfuurufú bá fẹ́ ju bọ́ǹbù sí ìlú tó wà, bọ́ǹbù náà kò ní bú títí tí yóò fi jáde níbẹ̀, nítorí ẹwà rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti rọ irin fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú, ó mọ ohun tó ń sọ. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ lé arẹwà wọ inú igbó. Ó wá rí i pé ara tó ń wù òun, ohun àyágbé ni. Ó dá ẹsẹ̀ òsì padà fún ẹni tó ni ín, ó san owó ìyálò rẹ̀. Ó dá ẹsẹ̀ ọ̀tún padà, ó sanwó. Ikùn, egungun ìhà, àyà, apá, ọrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó tirẹ̀, títí tó fi ku agbárí lásán. Àwọn Yorùbá ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Àmọ́ má fi òwe yẹn pa ìwé náà dé. Kíyè sí i pé agbárí kò jalè. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ó san gbogbo rẹ̀ tán, láìkù kọ́bọ̀. Ohun tó ṣe fún ọmọbìnrin náà burú, síbẹ̀ nínú ọ̀ràn owó, ó mọ́ ju akọni ìtàn wa lọ, ẹni tó mu ẹmu ọdún 15 tí a kò rí i kó sanwó.

O ní kò sí ohun tó so ìṣẹ̀lẹ̀ kan mọ́ èkejì. Wò ó lẹ́nu ọ̀nà igi funfun, níbi tí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọlé. Wọ́n ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6. Ìbẹ̀rù wọn, wọ́n kò tà á, wọ́n yá a lọ ni, pẹ̀lú èlé pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ìbẹ̀rù padà nítorí ohun àyálọ ni. Ikú kò ṣe é gbà, wọ́n ti tà á. Láti ibẹ̀ lọ, nínú gbogbo ewu tí wọ́n bá pàdé, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn kò sì lè kú. Òfin ọjà ni. Ohun tí a tà lọ, ó lọ. Ohun tí a yá fún ni, yóò padà wálé. Tutùọlá fi òfin yẹn lélẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí o kọ́kọ́ kà á, o rò pé ó gbàgbé ni.

Ibì kan tún wà, létí odò. Owó tán lọ́wọ́ wọn. Ọ̀mùtí sọ ara rẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi, ìyàwó rẹ̀ ń tu ú, ó ń gba tọ́rọ́ lọ́wọ́ àgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní wọ́n ka pọ́n-ùn 7, ṣílè 5 àti tọ́rọ́ kan. Bí àgbà nìkan ni gbogbo wọn, èèyàn 581 ló ti gun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ẹlòmíràn ń gun ọ̀pẹ fún láti ìgbà ọmọdé, òun fúnra rẹ̀ ti wá di ohun tí ayé ń gùn. Ta ló ń tukọ̀, ta ló ń gbowó? Obìnrin tí ìwé náà kò fún lórúkọ ni. Kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà rẹ, nítorí ẹjọ́ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, o kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n fi ti adẹ́mu bò ó mọ́lẹ̀.

Wàyí o, to gbogbo iye tí o fa ìlà sí jọ. Ẹsẹ̀ ní owó. Ikú ní owó. Ìbẹ̀rù ní èlé. Ọkùnrin tí kò ṣe é fojú rí yá sísì kan, tó jẹ́ 2,000 owó ẹyọ, ó fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dógò. Ìwọ̀fà ni a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé láyé àtijọ́: bí gbèsè bá wà nílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, títí tí yóò fi san owó náà. Bi ìyá rẹ àgbà, yóò ṣàlàyé rẹ̀ jù mí lọ. Nínú ìwé tí ohun gbogbo ti ní iye dórí kọ́bọ̀, wá owó iṣẹ́ adẹ́mu. Wá a dáadáa. N kò rí i. Ọ̀mùtí mọ iye ọ̀pẹ, ó mọ iye kẹ́ẹ̀gì, ó mọ wákàtí tí ẹmu ń tán. Owó ẹni tó dá a kò sí lákọsílẹ̀. Bí adẹ́mu ṣe kú, àwọn ọ̀rẹ́ fọ́n ká, ọ̀mùtí sì dìde láti lọ mú un padà wá láti ìlú àwọn òkú. A ti ń pè é ní ìrìn àjò akọni. Kí ló dé tí a kò pè é ní ìrìn ọ̀gá tó ń wá òṣìṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí ọ̀mùtí rí i, adẹ́mu ní òun kò bá a lọ. Ọdún méjì ló fi kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn òkú kí ó tó yege láti di ògbólógbòó òkú. Ní tèmi, òun nìkan ni òṣìṣẹ́ tí mo mọ̀ nínú ìtàn tó rí ìsinmi gbà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Dúró níbí o, má ṣe gbà mí gbọ́ kíákíá. Ibì kan wà tó ń ta ko ohun tí mo ń sọ. Adẹ́mu fún ọ̀mùtí ní ẹyin kan tó ń pèsè ohunkóhun tí a bá béèrè, lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni, kí ló dé tó fi ta ọ̀gá rẹ̀ lọ́rẹ? N kò ní ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá. Mo kíyè sí i pé ẹyin náà bọ́ ìlú nígbà ìyàn, pé àwọn èrò fọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, àti pé nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, pàṣán ló ń tú jáde. Bóyá èyí tì mí lẹ́yìn, bóyá kò tì mí lẹ́yìn. Bí o ṣe máa mọ ìkàwé tó jinlẹ̀ yàtọ̀ sí ìrònú tí èèyàn kàn gbé lé ìwé lórí nìyí: mú ohun tí o rò, gbé e lọ síbi tí ìwé náà ti le jù fún un, wò ó bóyá yóò dúró. Èyí tí o bá ní láti fo ojú ewé kọjá kí ó tó dúró, sọ ọ́ nù.

Níkẹyìn, ka ẹjọ́ ìlú àdàlù. Ọkùnrin kan yá pọ́n-ùn kan, kò sì san gbèsè rí láyé rẹ̀. Wọ́n rán asìngbèsè tí kò kùnà rí sí i. Onígbèsè pa ara rẹ̀ kí ó má baà san án. Asìngbèsè pa ara rẹ̀ kí ó lè bá a dé ọ̀run gbà á. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó ń wòran pa ara rẹ̀ kí ó lè rí bí yóò ṣe parí. Wọ́n ní kí ọ̀mùtí dájọ́, kò lè dá a, ó sún un síwájú. Ó wá yíjú sí òǹkàwé, ó ní kí ẹni tó bá lè dá a kọ ìdájọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. O rí i? Láti 1952 ni ìwé náà ti ń retí lẹ́tà rẹ. Kọ ọ́, kí o sì sọ ìdí rẹ. Bí ìwé náà kò bá dùn mọ́ ọ síbẹ̀, kọ ìyẹn náà. Máàkì rẹ kò ní dín.

Èmi ni olùkọ́ rẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni lẹ́tà náà parí sí. Ó gba àkókò kí èsì tó dé. Ó ní òun dá ẹni tó ń wòran lẹ́bi: àwọn méjì tó kù kú nítorí iṣẹ́ wọn, òun nìkan ló kú nítorí ẹ̀mí ìwòran. Ó ní òun bi ìyá òun àgbà nípa ìwọ̀fà, màmá sì sọ̀rọ̀ títí bátìrì fóònù fi kú. Ó tún fi kún un pé ìwé náà kò tíì dùn mọ́ òun, pé ó ṣì ń bí òun nínú pé ìyàwó ọ̀mùtí kò lórúkọ, àti pé ìyẹn ni òun máa fi ṣe àròkọ ìparí sáà. Mo ka àròkọ náà. Ó bá èmi náà jà ní ojú ewé kejì, lórí ọ̀rọ̀ ẹyin, ó ní adẹ́mu kò fi ẹyin tọrẹ rárá, gbèsè ló fi dì mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn. A ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn.